Ìlà Pupa Inú Táìmùbúùkù: Bí Mo Ṣe Kọ Lẹ́tà Tí Mo Fi Wáṣẹ́ Fáìsì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Ti àkọ́kọ́ lọ bí òkò tí wọ́n jù sódò, kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó ní a rí i tàbí a ò rí i. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n fi pè mí fún ìntafíù. Èmi kan náà ni o, sáàtífíkéètì kan náà, ọdún mẹ́rìnlá kan náà tí mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Àgíríìkì nílùú Iléṣà yìí, oṣù márùn-ún péré ló wà láàárín lẹ́tà méjèèjì, kò sì sí nǹkan kan tó yí padà lára mi ju pé mo tún sanra díẹ̀ sí i. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ti ń yọ mí lẹ́nu lórí wọ́sáàpù pé kí n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sáwọn, mo kọ̀, torí mo mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n á pa orúkọ tèmi rẹ́, wọ́n á kọ tiwọn sí i, ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà ọ̀hún á sì kú sí. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ bá a ṣe kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí mo ń wá ni ti fáìsì pírínsípà, ti apá ádímìnì, ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan tó ní ọmọ tó ń gbé inú ọgbà. Fún ẹni tí kì í ṣe tíṣà, ilé ìwé tó bá tóbi díẹ̀ máa ń ní fáìsì méjì. Ti akadẹ́míìkì ló ni táìmùtébù, òun ló ń yẹ lẹ́sìn nóòtù wò, òun ló ni ìdánwò. Ti ádímìnì ló wá ni gbogbo ìyókù: ìwé tí àwọn tíṣà fi ń sáìnì wọlé, rósítà àwọn tó wà lórí dúútì, ìwé tẹ́ni tó bá fẹ́ jáde ní ọ̀sán máa kọ orúkọ sí, ìwé tí wọ́n ń kọ ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ sí, sítọ̀, àga tó kán, géètì, omi tó dá, ìyá tó ń na búrẹ́dì sáwọn ọmọ lórí fẹ́ǹsì, ọmọ tó ń sunkún inú rírun láago méjìlá òru. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí èmi tí mo ń wá iṣẹ́ ọ̀hún gan-an, mi ò fi sọ́kàn nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe, ṣùgbọ́n tí mo bá tú àárín rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Òṣìṣẹ́ aláápọn ni mí, olóòótọ́, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìfúnpá. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń kọ́ni, mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ dọ́kàn. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ tó ṣe Àgíríìkì ní WAEC ló yege, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọdún mẹ́rin léraléra. Mo gbàgbọ́ pé tí ẹ bá fún mi láàyè yìí, mi ò ní já yín kulẹ̀."

Mo kà á sókè fún ọkọ mi, ó ní àmín. Mi ò parọ́, àmín ló ṣe, ó rò pé àdúrà ni. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀. Àti "ìfúnpá" yẹn náà, ìgbà tí mo tú u tán ni mo tó rí i pé ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ rí dókítà.

Lẹ́yìn tí oṣù méjì àbọ̀ ti kọjá tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ni mo gbé e lọ bá Bàbá kan ládùúgbò wa, lẹ́yìn Ẹ̀rẹ́jà lọ́hùn-ún. Pírínsípà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti jókòó lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń gba ènìyàn síṣẹ́ kọjá iye tí wọ́n lè rántí. Wọ́n gba bébà náà, wọ́n nà án jìnnà sójú bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin, wọ́n kà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Ìyá Tómi, iṣẹ́ wo lo ní o ń wá?"

"Fáìsì ádímìnì ni sà."

"Ó dáa. Kí ló wá dé tó jẹ́ tíṣà Àgíríìkì ló kọ lẹ́tà sí wọn?"

Mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n fi ìka lé orí ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. "Ọdún mẹ́rin, kò sí ọmọ kan tó fìdí rẹmi. Sẹ́ńtà wo nìyẹn?"

Ara mi gbóná. Ẹni tó bá mọ̀ nípa WAEC nílẹ̀ yìí mọ nǹkan tí wọ́n ń béèrè. Mírákù sẹ́ńtà làwọn ènìyàn ń pe àwọn ibi tí wọ́n ti ń sanwó kí ìdáhùn lè wọlé bá ọmọ nínú họ́ọ̀lù, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ géètì wọn. Mo ní, sà, a ṣiṣẹ́ fún un ni o, lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ la fi ṣe é, àní lóko gan-an la ti ń ka ìwé. Wọ́n ní àwọn gbà, àwọn mọ̀ mí, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ka lẹ́tà yìí ò mọ̀ mí. Wọ́n tún wá sọ èyí tó dùn mí jù, pé tí ẹni náà bá tiẹ̀ gbà mí gbọ́, nǹkan tó máa rò ni pé irú tíṣà báyìí kò yẹ kéèyàn yọ kúrò ní kíláàsì. Ìyẹn ni pé ohun tí mo fi ń yangàn jù lọ, òun ló ń tì mí padà sídìí bọ́ọ̀dù.

Mo ti rí i lára àwọn ẹlòmíràn látìgbà yẹn, tíṣà máa ń kọ lẹ́tà iṣẹ́ ádímìnì bí ẹni pé ẹ̀bùn ọdún pípẹ́ ni iṣẹ́ náà, mo ti kọ́ni dáadáa, ẹ wá gbé mi ga. Ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì ò wá ẹni tó máa fún ní ẹ̀bùn. Tíṣà ń bọ̀ wá pẹ́ lọ́la, sítọ̀ á sì tún sófo, ẹni tó lè dúró ti ìyẹn ló ń wá.

Bàbá yìí, ọmọ Òṣómàáló ni wọ́n. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kúkúrú. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú láyé ọjọ́un nìyẹn, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Bàbá tó bí wọn ò mọ̀wé, àwọn ni wọ́n ń jókòó tì í tí wọ́n ń bá a kọ gbèsè sínú ìwé nígbà tí wọ́n wà ní pámárì. Nǹkan mẹ́rin ni bàbá wọn máa ń pè fún wọn lórí gbèsè kọ̀ọ̀kan: ta ló gbà á, aṣọ wo ni, ọ̀pá mélòó, ọjọ́ wo. Wọ́n ní tí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá wọn á ní kí wọ́n fa igi lé e lórí, torí ẹni tó jẹ gbèsè á jiyàn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa lóṣòó tì í.

Wọ́n wá mú bíró pupa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi lẹ́tà mi láwọn ìbéèrè Òṣómàáló. Aláápọn. Iṣẹ́ wo, mélòó, ìgbà wo, ta ló rí i? Òdo. Olóòótọ́. Òdo. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ. Òdo ńlá, wọ́n tiẹ̀ fà á nípọn. Nígbà tí wọ́n máa ṣe tán, ojú bébà náà ti kún fún òdo bí ìwé ọmọ tó kùnà ìṣirò. Ohun kan ṣoṣo tó yè ni ọdún mẹ́rìnlá, torí ó ní iye, ó sì ṣeé yẹ̀ wò.

"Máa lọ ilé," wọ́n ní, "lọ wá nǹkan tó ti gba ọwọ́ rẹ kọjá nílé ìwé yẹn tí kì í ṣe kíláàsì. Má ì tíì kọ lẹ́tà. Kọ nǹkan wọ̀nyẹn nìkan."

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò ní ní nǹkan kan. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo ronú, mo rántí pé mo ti ṣe rẹ́jísítréṣọ̀n WAEC ní ọdún kan, pé ọwọ́ mi ni sítọ̀ oko ilé ìwé wà, àti pé láti ìgbà tí fáìsì ádímìnì wa ti fẹ̀yìntì tí wọn ò fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, èmi ni mò ń bójú tó táìmùbúùkù. Mo kọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí sísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tójú ń tì. Iṣẹ́ tí gbogbo sítáàfù ń sá fún ni, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń dọ̀tá ara wọn. Bàbá gba bébà lọ́wọ́ mi, òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n ní, "Èyí ni lẹ́tà rẹ."

Ẹ jẹ́ n sọ bí táìmùbúùkù ṣe rí torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìwé aláwọ líle ni, tí wọ́n fi rúlà pín: nọ́ńbà, orúkọ, aago tó dé, ìbuwọ́lù, aago tó lọ, ìbuwọ́lù. Orí tábìlì lẹ́bàá ọ́fíìsì pírínsípà ló ń wà. Tiwa, aago méje àbọ̀ ni ká dé, tó bá di méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ẹni tó ń bójú tó o á fi bíró pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn á kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà, gbogbo ayé á sì rí i. Ìlà pupa yẹn ni ọ̀ràn.

Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn ń dá sí i pọ̀. Ẹni tó tètè dé á fo ìlà kan sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ á dé láago mẹ́jọ kọjá, á tẹ orúkọ sínú àyè yẹn, á kọ 7:28. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé aago kì í padà sẹ́yìn. Tí ẹni tó wà lókè bá kọ 7:41, ẹni tó tẹ̀ lé e ò lè kọ 7:28, àfi tí oòrùn bá ti ìwọ̀ oòrùn yọ. Àwọn míràn a sì máa sáìnì fún ẹlòmíràn pátápátá, bíró kan náà, bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, orúkọ méjì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà náà mọ́ abẹ́ ìbuwọ́lù tó kẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, mo sì ń la àyè tó ṣófo já kí n tó fà á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, nínú tíṣà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tá a jẹ́, mọ́kànlá ló wà lábẹ́ ìlà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pẹ́ o, ọ̀sẹ̀ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan mo kàn jókòó mo da ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ síbì kan, ta ló pẹ́, ọjọ́ wo, aago mélòó. Ìgbà náà ni mo rí i pé àwọn méje kan náà ló ń padà wá. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ìyá ọmọ kékeré, nọ́sìrì tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ kì í ṣí géètì ṣáájú méje àbọ̀, bó ti wù kí wọ́n sáré tó wọn ò lè dé kí ìlà tó wà nílẹ̀. Méjì ń ti Ifẹ̀ wá, mọ́tò ò sì ní kúrò ní páàkì àfi tó bá kún. Ẹnì kan tó kù, kò ní ìdí kankan, oorun ni. Mo lọ bá fáìsì akadẹ́míìkì, mo fi bébà náà hàn wọ́n, a jókòó ti táìmùtébù, a gbé pííríọ̀dù àkọ́kọ́ àwọn ìyá mẹ́rin yẹn lọ sí ìkejì, a sì fún wọn ní dúútì ìrọ̀lẹ́ dípò ti òwúrọ̀ kó má bàa dà bíi pé a kàn ń kẹ́ wọn. Nígbà tí táàmù yẹn fi máa parí, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń wà lábẹ́ ìlà lójúmọ́.

Gbogbo èyí tí mo sọ yìí, nígbà tá a kọ ọ́ sínú lẹ́tà, gbólóhùn mẹ́fà ló dà:

"Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni mo ti ń bójú tó táìmùbúùkù tíṣà 26 ní ilé ìwé wa, ní àfikún sí iṣẹ́ kíláàsì mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tíṣà 11 ló ń dé lẹ́yìn aago 7:45. Mo ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì hàn pé mẹ́rin lára wọn ń pẹ́ nítorí géètì nọ́sìrì àwọn ọmọ wọn. Èmi àti fáìsì akadẹ́míìkì gbé pííríọ̀dù àkọ́kọ́ wọn sí ìkejì, a sì fi dúútì ìrọ̀lẹ́ dípò. Nígbà tí táàmù kejì parí, iye àwọn tó ń pẹ́ ti wálẹ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Àkọsílẹ̀ náà wà ní ọ́fíìsì ilé ìwé."

Ẹ wo ibi tí mo fẹ́ bà á jẹ́ sí. Mo fẹ́ kọ pé mo fòpin sí pípẹ́ lẹ́yìn. Bàbá ní irọ́ ni, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti ṣe fáìsì rí mọ̀ pé kò sí ilé ìwé tí kò séèyàn lábẹ́ ìlà, tó bá rí "fòpin sí" á kàn fi lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún fẹ́ kọ pé èmi ni mo gbé pííríọ̀dù náà. Wọ́n ní rárá, táìmùtébù kì í ṣe tìẹ, tí o bá gbé e fúnra rẹ, o ti kọjá àyè rẹ nìyẹn, kọ ọ́ pé ẹ jọ ṣe é, torí ẹni tó ń gba fáìsì kejì síṣẹ́ ń bẹ̀rù pé àwọn méjèèjì á máa jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń sùn. Kúérì wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níkẹyìn, àmọ́ pírínsípà ló fún un, èmi kàn gbé àkọsílẹ̀ síwájú wọn ni, agbára kúérì ò sí lọ́wọ́ tíṣà, torí náà a ò mẹ́nu bà á rárá.

Ti WAEC ńkọ́? Mo rò pé òun ló máa gbayì jù, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀hún le, ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó dín ní mẹ́jọ tàbí tó ju mẹ́sàn-án lọ, tí lẹ́tà kan bá sì ṣì nínú orúkọ, ó di ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì kó tó kígbe. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ti fáìsì kejì nìyẹn. Gbólóhùn kan ni wọ́n gbà kí n kọ, pé mo fi rẹ́jísítà ìgbaniwọlé yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, tí ọmọ náà sì buwọ́ lù ú kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ìyẹn nìkan ló kan ádímìnì níbẹ̀, pé ẹnì kan mọ̀ pé ìwé kan gbọ́dọ̀ bá ìwé kejì mu.

Ibi tí a ti fẹ́ jà ni ọ̀rọ̀ owó. Ìpolongo iṣẹ́ náà sọ pé fáìsì á máa bójú tó ríra nǹkan fún ilé ìwé. Èmi ò fọwọ́ kan owó ilé ìwé rí, mo sì fẹ́ fò ó, kí wọ́n má kàn rí i. Bàbá ní wọ́n á rí i, wọ́n á wo síífíì mi, wọ́n á rí i pé kò sí níbẹ̀, wọ́n á wá máa rò ó fúnra wọn, ohun téèyàn bá rò fúnra rẹ̀ sì máa ń burú ju òótọ́ lọ. A kọ ọ́ báyìí: "N kò tíì bójú tó owó ilé ìwé rí. Ohun tó wà níkàáwọ́ mi ni sítọ̀ oko ilé ìwé, níbi tí ọmọ ti ń buwọ́ lùwé kó tó gba ọkọ́ tàbí àdá, tí mo sì ń kà wọ́n ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan." Nígbà tí mo kọ ọ́ tán ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo dúró, mo ní sà, ṣé ẹ dá a lójú? Wọ́n ò tiẹ̀ dá mi lóhùn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ìyókù ò pẹ́. Ìpínrọ̀ tó ṣíwájú sọ orúkọ iṣẹ́ náà, ọdún mi, dìgírì B.Sc. (Ed.) mi, àti pé mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kì í ka lẹ́tà síwájú tí wọn ò bá rí ìyẹn. Àdírẹ́ẹ̀sì méjì, déètì, àkọlé, ojú ìwé kan ṣoṣo. Mo ti kọ ìlà kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣèlérí ipò fáìsì fún mi láti ọdún méjì tí wọn ò fún mi, Bàbá fa igi lé e láìsọ̀rọ̀, mo sì mọ ìdí. Fún àwọn tó máa jẹ́rìí sí mi, mo fẹ́ fi pásítọ̀ wa sí i. Wọ́n ní ta ló rí ọ tó o ń fa ìlà pupa? Mo ní fáìsì tó fẹ̀yìntì ni, àwọn ló gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń yà wá wò ó. Àwọn la fi sí i. Pásítọ̀ kò bínú.

Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní kafé kan ní ọ̀nà ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mo ní kí ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sọ ọ́ di PDF, torí ti àkọ́kọ́ mo fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, ìgbà tí mo wá ṣí i lórí fóònù ara mi, àdírẹ́ẹ̀sì ti lọ jókòó sí àárín ìpínrọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó. Màmá kan láàárín wọn gbé lẹ́tà mi sókè, wọ́n ti fi bíró fa abẹ́ ìpínrọ̀ táìmùbúùkù.

"Ẹ ti fa ìlà yìí sórí ọ̀rẹ́ yín rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Kí ló sọ?"

"Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi táàmù kan mà. Ó ti ń kí mi báyìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wá béèrè ọ̀rọ̀ owó bí Bàbá ṣe sọ, àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ bí mo ṣe ń ṣe tí àdá bá dín nígbà tí mo bá kà á. Mo ní mo máa kọ iye tó dín àti orúkọ ọmọ tó gbà á gbẹ̀yìn, mo sì máa gbé e fún pírínsípà kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi mí. Ó ní bọ́sà ló ń di owó mú níbẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan ni fáìsì máa ń buwọ́ lù. A kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa èsì WAEC àwọn ọmọ mi.

Oṣù kẹsàn-án ni mo wọlé. Ẹni tí mo gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ kí n tó dé, kò fi ìwé kankan sílẹ̀ pé ibi tí mo bá nǹkan dé rèé. Ohun tí mo bá nínú dúrọ́ọ̀ ni agolo bisikíìtì kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́, kò sí èyí tó ní àmì nínú wọn. Mo ra sẹ́lótéèpù, èmi àti bàbá géètì rìn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn títí ọwọ́ ọ̀sán, à ń gbìyànjú, à ń lẹ bébà mọ́ ọn. Nírọ̀lẹ́, Bàbá pè.

"Kí lo bá níbẹ̀?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni sà."

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlélógún sà. Mẹ́rin ò ṣí ibì kankan."

"O kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́ sà, pẹ̀lú déètì."

Wọ́n ní kí n kí bàbá géètì fún àwọn, wọ́n sì pa fóònù.